«Accès refusé»: Orúkọ Kan Náà, Ẹni Méjì

Ní ẹ̀ka wa yìí, kò sí ẹni tí kò ní fódà kan tí kò fẹ́ kó sọnù. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn abẹ́nà ìmọ̀ wa wà, inú rẹ̀ ni àwọn fáìlì Praat tí a fi gé ohùn náà sí sílébù wà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí a ṣe lálẹ́ nígbà tí a ti oko ìwádìí dé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti pààrọ̀ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá wọn láìpẹ́ yìí, àwọn kan nítorí pé tiwọn bàjẹ́, àwọn mìíràn nítorí pé ìtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. A ó kó fódà àtijọ́ sórí ẹ̀rọ tuntun, a ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, ẹ̀rọ a sì fi ọ̀rọ̀ méjì péré dá wa lóhùn: Accès refusé. Fódà wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ hàn gbangba, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ń fa èyí, àti bí a ṣe tú u lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ẹni tí orúkọ ń tọ́ka sí ni, èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń jiyàn lé lórí lójoojúmọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ṣe ìwádìí orí pápá ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, lórí bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn àyísódì níbẹ̀. Ohùn 214 ló gbà sílẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé kékeré kan. Méjì nínú àwọn àgbà tó bá a sọ̀rọ̀ ti di ẹni ilẹ̀, nítorí náà kò sí bó ṣe lè padà lọ gba ohùn wọn mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ tí kò tàn mọ́, oníṣẹ́ kan bá a yọ díìsìkì inú rẹ̀, ó fi í sínú àpótí kékeré oníyúésíbì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, díìsìkì náà sì hàn gẹ́gẹ́ bí E:. Láti ibẹ̀ ló ti da fódà tó ń jẹ́ Enquete kọ sí D:\Ancien. Iṣẹ́ parí, owó wọlé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi délé tó tẹ fódà náà, Accès refusé.

Ohun tó dùn ún jù ni pé kò yí ohunkóhun padà. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, etudiant ni orúkọ àkáǹtì rẹ̀. Lórí tuntun, etudiant náà ni. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ló fi sí méjèèjì. Ó ní, «Ṣebí èmi náà ni? Ta ló tún wá ni fódà yìí bí kò bá ṣe èmi?»

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Windows kì í fi orúkọ mọ ènìyàn. Lọ́jọ́ tí a bá dá àkáǹtì sílẹ̀, ó máa ń fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SID. Nọ́ńbà yìí ló ń kọ sára fáìlì, orúkọ kàn wà fún ojú àwa ènìyàn ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí tiyín, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú fèrèsé dúdú tó ń jẹ́ cmd:

```
whoami /user
```

Ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21. Nọ́ńbà ńlá mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti bí àkáǹtì náà. Èyí tó kẹ́yìn, tó sábà máa ń jẹ́ 1001 tàbí 1002, ń sọ ipò àkáǹtì náà láàárín àwọn ọmọ ilé. Nítorí náà, bí àkáǹtì méjì bá tilẹ̀ jọ ń jẹ́ etudiant, tí méjèèjì sì parí sí 1001, ẹ̀rọ tó bí wọn yàtọ̀, ènìyàn méjì ni wọ́n lójú Windows. Ẹ ronú nípa Táyé méjì, ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́. Ipò kan náà ni wọ́n wà nínú ilé wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ogún tibí fún tọ̀hún.

Bí ẹ bá ṣí Propriétés fódà náà tí ẹ lọ sí Sécurité, ẹ ó rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí ìyọ̀ǹda ṣì wà fún yín láti wo ibẹ̀, ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni ín wà, nọ́ńbà gbọọrọ ló máa ń wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun kò mọ ẹni tí nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí. Àmì kan wà, ṣùgbọ́n ohun tí àmì ń tọ́ka sí kò sí nílé.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí kì í fi í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kó fáìlì láti orí díìsìkì àtijọ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ọ̀nà tí a gbà kó o ló fa ìyàtọ̀. Bí a bá fi máòsì da fáìlì kọ láti díìsìkì kan sí òmíràn, àdàkọ náà jẹ́ ọmọ tuntun. Yóò jogún ìyọ̀ǹda fódà tó bá wọ̀, ẹni tó dà á kọ ni yóò sì ni ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ pín ẹ̀rọ àtijọ́ lò. Kí wọ́n má bàa pa ohùn rẹ, ó ti gé àjogúnbá kúrò lára fódà Enquete, ó sì fi ìyọ̀ǹda sílẹ̀ fún àkáǹtì tirẹ̀ nìkan. Máòsì kò lè wọ irú fódà bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ náà wá lo robocopy, ó fi /B sí i, èyí tó ń gba ọ̀nà àwọn tó ń ṣe àdàkọ ìpamọ́ kọjá láìwo ìyọ̀ǹda. Ó tún fi /COPYALL sí i, èyí tó ń kó ohun gbogbo: fáìlì, déètì, ẹni tó ni ín, àti ìyọ̀ǹda. Ó gbé ẹrù, ó sì gbé àgádágodo àtijọ́ lé e lórí.

Bọ́tìnì Continuer tí Windows gbé wá kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, Windows máa ń gbìyànjú láti fi orúkọ wa kún àwọn tó ní ìyọ̀ǹda. Ó lè ṣe é bí ìyọ̀ǹda bá ti wà tẹ́lẹ̀ fún àwọn alábòójútó ẹ̀rọ, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Administrateurs. Lórí Enquete, ọ̀rẹ́ mi ti yọ wọ́n kúrò. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní ìyọ̀ǹda ni etudiant ti ẹ̀rọ tó ti kú.

Agbára kan ṣì kù fún alábòójútó, òun náà la lò. Bí kò tilẹ̀ ní ìyọ̀ǹda láti ka fódà, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá sì ni nǹkan lè yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Ìgbésẹ̀ méjì ni: a gba ohun ìní náà, lẹ́yìn náà a tún ìyọ̀ǹda kọ. Ẹni tó bá ṣe àkọ́kọ́ tí kò ṣe ìkejì yóò máa rí Accès refusé síbẹ̀.

A tẹ cmd sínú àpótí ìwáǹkan, a tẹ ọ̀tún máòsì lé e, a sì mú Exécuter en tant qu'administrateur. Kò tó pé àkáǹtì wa jẹ́ ti alábòójútó. Láti ìgbà Windows Vista, alábòójútó kì í dé fìlà oyè rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, àfi bí ó bá béèrè fún un. Fèrèsé tí a kò ṣí báyìí kò ní agbára tí à ń wí. A wá tẹ èyí:

```
takeown /f "D:\Ancien\Enquete" /r /d o
```

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí /r àti /d. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Níbí, òwe náà kò bá Windows mu. Ẹni tó ni fódà kì í ṣe òun dandan ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ló gbé nọ́ńbà olówó tirẹ̀ lára. /r ló ń jẹ́ kí àṣẹ náà sọ̀kalẹ̀ sínú fódà, kó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

/d ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà tí takeown bá dé fódà tí kò lè wo inú rẹ̀, ó máa ń béèrè bóyá kí òun fi ìyọ̀ǹda kíkún fún wa rọ́pò ti àtijọ́. /d ń dá a lóhùn ṣáájú. Àwọn ìwé ìrànwọ́ tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé kí a kọ y. Ẹni tó bá da ìyẹn kọ sórí Windows èdè Faransé yóò gba àṣìṣe, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ti Faransé ni takeown ń retí lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà o ni a kọ níbí, fún oui. Wọ́n túmọ̀ lẹ́tà ìdáhùn náà pẹ̀lú ìyókù ẹ̀rọ, wọn kò sì túmọ̀ takeown fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni orúkọ ẹgbẹ́ alábòójútó rí. Administrateurs ló ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ wa, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ tí a bá fi orúkọ kọ yóò sì kọsẹ̀ nígbà tó bá kọjá ẹnubodè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà, S-1-5-32-544, kì í yí padà lórí ẹ̀rọ kankan ní àgbáyé. Bí ẹ bá ní láti dárúkọ wọn nínú àṣẹ icacls, ẹ kọ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ìràwọ̀ níwájú, báyìí: *S-1-5-32-544. Kò sí èdè tí kò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn takeown, a tún ìyọ̀ǹda kọ:

```
icacls "D:\Ancien\Enquete" /reset /t /c
```

/reset ń pa gbogbo ìyọ̀ǹda àtijọ́ rẹ́, ó sì ń dá àjogúnbá padà, kí fódà àti ohun inú rẹ̀ lè gba ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ D:\Ancien tó jẹ́ òbí wọn. /t ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ bíi /r, /c sì ń jẹ́ kó máa lọ bí fáìlì kan bá tilẹ̀ kọ̀. Nígbà tó bá parí, ìlà tó gbẹ̀yìn ń sọ iye tó yege àti iye tó kọ̀. Òfo ni tiwa fún èyí tó kọ̀. A tún tẹ icacls lásán pẹ̀lú orúkọ fódà náà, a sì rí (I) lára gbogbo ìlà. Àmì yẹn ló ń sọ pé àjogúnbá ni ìyọ̀ǹda náà. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni tí òbí fódà náà bá gbà láàyè ni yóò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi nìkan, nítorí náà kò fòyà.

Fódà ṣí. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n a kò tíì dìde. A ka àwọn ohùn náà:

```
dir /s /b "D:\Ancien\Enquete\*.wav" | find /c /v ""
```

Ẹ̀rọ dáhùn: 208. Ìwé kékeré rẹ̀ sọ pé 214. Mẹ́fà kò sí níbẹ̀.

A so díìsìkì àtijọ́ padà, a sì tún robocopy ṣe láìfi /COPYALL sí i, kó má bàa tún gbé àgádágodo wá:

```
robocopy "E:\Users\etudiant\Enquete" "D:\Ancien\Enquete" /e /b /r:0
```

/r:0 ń sọ pé kó má gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Bí a kò bá kọ ọ́, robocopy yóò máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó tún gbìyànjú, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù kan lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá kọ̀. Ó fo àwọn 208 tó ti wà, ó dé orí mẹ́fà yòókù, ó kọ ERREUR 5 àti Accès refusé sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ sọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí. /B kì í wo ìyọ̀ǹda. Bí ó bá kọ̀ pẹ̀lú /B, a jẹ́ pé ìyọ̀ǹda kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́, takeown kò sì ní ràn wá lọ́wọ́ bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ di alẹ́. Mo bi ọ̀rẹ́ mi bóyá ó ti fi ìdìpa sí fáìlì rí. Ó rántí. Àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìdílé fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹlòmíràn má gbọ́ ọ. Ó kó ohùn mẹ́fà náà sínú fódà kékeré kan tó pè ní Asiri, ó sì sàmì sí àpótí Chiffrer le contenu pour sécuriser les données. Ó pa àdéhùn mọ́.

Ìyọ̀ǹda dà bí aṣọ́nà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá fi hàn án pé àwa la ni ilé, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdìpa yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yí padà, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè tú u. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àkáǹtì etudiant àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá rí fáìlì tó ní àgádágodo kékeré lára àwòrán rẹ̀ lórí Windows 10 tàbí 11, irú rẹ̀ nìyẹn.

A rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà irú ti àtijọ́ gan-an. Ó gbà ká yọ díìsìkì tirẹ̀ fún wákàtí kan, ká fi ti ọ̀rẹ́ mi síbẹ̀. Ó tàn. Windows àtijọ́ jí, ó rí etudiant tirẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń dún bí ìgbà tí ó kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ó yọ àmì kúrò nínú àpótí ìdìpa, ó gbà kó kan gbogbo fáìlì inú Asiri, a dá díìsìkì náà padà sínú àpótí oníyúésíbì, robocopy kan náà sì kó wọn. A kà á: 214. Ó wá tún dì wọ́n pa lórí ẹ̀rọ tuntun.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé ni, ọ̀ràn ì bá burú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹnì kan bá sọ pé òun lè pa ọ̀rọ̀ ìwọlé àtijọ́ rẹ́ kí òun fi tuntun sí i, ìyẹn yóò jẹ́ kí ẹ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ìdìpa kò ní ṣí mọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun náà. Ọ̀rọ̀ ìwọlé gidi ló ń ṣí i.

Ó ku àwọn ibi tí kò yẹ kí a gbé takeown dé. Ẹ má ṣe lò ó lórí C:\ tàbí lórí fódà Windows, nítorí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbọ́kàn lé ẹni tó ni àwọn fáìlì yẹn. Ẹ má ṣe lò ó lórí gbogbo fódà àkáǹtì àtijọ́. Àwọn fódà kan wà nínú rẹ̀, bíi Application Data, tí wọn kì í ṣe fódà gidi. Atọ́nà lásán ni wọ́n, tó ń júwe ibòmíràn fún àwọn ètò àtijọ́, Windows sì mọ̀ọ́mọ̀ ti ojú wọn pa. Accès refusé lórí wọn kì í ṣe àìsàn. Ẹ mú fódà iṣẹ́ yín nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ contrôle de redondance cyclique ni ẹ rí lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda rárá. Díìsìkì ló ń kú lọ, kí ẹ yára kó ohun tó bá ṣì ṣeé kó.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń tàn, tó sì ní fáìlì tó dì pa, àṣẹ kan ni kó tẹ̀ lónìí:

```
cipher /x
```

Yóò béèrè orúkọ fáìlì àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun kan, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ yín sínú fáìlì kékeré tó parí sí .pfx. Ẹ fi fáìlì náà sórí kọ́kọ́rọ́ yúésíbì tí kò sí nínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sínú ìwé ìwádìí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì ní kọ́kọ́rọ́, láìwá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn yá.